Ọdún méjì lẹ san sílẹ̀, onílé sì ti ta ilé: ta ló ni owó ọdún kejì?

Bí ayálégbé bá gbọ́ pé onílé ti ta ilé, ohun tó kọ́kọ́ ń bà á lẹ́rù ni pé wọ́n á lé òun jáde. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, àmọ́ nǹkan mìíràn wà tó yẹ kó gba oorun lójú rẹ̀ jù ú lọ. Òfin ń dáàbò bo ayálégbé tó ń gbé inú ilé. Owó tó ti san sílẹ̀ fún ọdún tí kò tíì dé ni òfin kò fi bẹ́ẹ̀ bá a ṣọ́. Ẹni tó san ọdún méjì lè gbé ilé náà fún ọdún méjì gbáko láìsí ẹni tó lé e, kó sì tún san owó ọdún kejì lẹ́ẹ̀kejì fún ẹlòmíràn. Bí ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Èkó ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń béèrè ọdún méjì, òfin ìpínlẹ̀ náà sì ti sọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ lílé jáde ná. Onílé kò lè ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ti fún yín ní ilé títí di ọjọ́ kan pàtó, ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ náà á fi pé. Ilé pẹ̀lú àwọn ayálégbé inú rẹ̀ ni ẹni tó rà á rà, ipò onílé àtijọ́ ló sì bọ́ sí. Kò gbọdọ̀ pa kọ́kọ́rọ́ dà, kò gbọdọ̀ ká páànù orí ilé, kò sì gbọdọ̀ gé iná yín. Tó bá fẹ́ kí ẹ lọ, àsìkò tí ẹ jọ dá gbọ́dọ̀ pé. Tí ìwé àdéhùn yín kò bá sọ nǹkan mìíràn, kúìtì nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà ni òfin Èkó là sílẹ̀ fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Ohun kan tó lè ba èyí jẹ́ ni kí ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ sọ pé ìgbélé dópin tí onílé bá ta ilé. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì tàbí ìkẹta, níbi tí ojú ti rẹ ẹni tó ń kà á. Ẹ wá a kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Owó ló wá kù. Òfin owó ilé kò le, àmọ́ ó yàtọ̀ sí bí a ṣe máa ń rò ó. Ẹni tó bá ni ilé lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n san owó ilé, òun ló ni owó náà. Ọjọ́ tí owó kúrò lápò yín kọ́ ni òfin ń wò. Ọjọ́ tí àdéhùn ní kí ẹ san án ló ń wò.

Ó dáa, tí ayálégbé bá wá sanwó ṣáájú ọjọ́ náà ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá a ní 1870, nínú ẹjọ́ De Nicholls àti Saunders, ara òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì wọlé wá sí Nàìjíríà ni àwọn lọ́yà ń kà á sí. Wọ́n ní owó tí ẹ san kí ọjọ́ ìsanwó tó dé kì í ṣe owó ilé. Owó tí ẹ yá onílé ni, pẹ̀lú àdéhùn pé tí ọjọ́ bá pé, kó sọ ọ́ di owó ilé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ń yí padà di owó ilé. Tí onílé bá ti ta ilé kí ọjọ́ tó pé, tí ayálégbé sì ti gbọ́, owó náà kò lè yí padà mọ́, torí pé ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe onílé mọ́. Gbèsè lásán ló di, láàárín ẹ̀yin àti onílé àtijọ́. Ọ̀dọ̀ onílé tuntun ni owó ilé ọdún kejì ń lọ, ó sì lè béèrè rẹ̀.

Ó le létí, mo mọ̀. Ó máa ń jọ ẹni tó gbọ́ ọ bí ìrẹ́jẹ. Àmọ́ ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ilé: ó san iye tí wọ́n ta ilé náà fún un ní kíkún, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé owó tí ilé máa mú wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ ti wọ àpò ẹlòmíràn ná.

Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Ayálégbé kan gba fúláàtì oníyàrá méjì lórí ilẹ̀ Èkó, kì í ṣe Ìkòyí, ní ₦600,000 lọ́dún, láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta 2024. Ejẹ́ńtì ní ọdún méjì ni onílé ń gbà. Ó san ₦1,200,000. Ní Oṣù Kọkànlá 2024, onílé ta ilé. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kìíní 2025, lẹ́tà dé láti ọwọ́ lọ́yà ẹni tó rà á: ilé ti bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà òun, owó ilé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta 2025 sì ti di tirẹ̀, ẹ máa san án sínú àkáǹtì báyìí báyìí.

Owó ọdún àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ọjọ́ tó yẹ kí ayálégbé san án ló san án, ẹni tó ni ilé nígbà náà ló sì gbà á. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ tó kù nínú ọdún náà lẹ́yìn títà, ọ̀rọ̀ ẹni tó tà àti ẹni tó rà ni, kò kan ayálégbé. Àmọ́ ₦600,000 ìkejì ti kó sí wàhálà, torí pé lẹ́tà náà dé kí ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta 2025 tó pé.

Tí lẹ́tà yẹn bá jẹ́ Oṣù Kẹrin 2025 ló dé, tí ayálégbé kò sì gbọ́ ohunkóhun nípa títà ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta ti kọjá, owó tó wà nílẹ̀ ti di owó ilé, ayálégbé tí kò mọ̀ pé ilé ti yí ọwọ́ padà sì bọ́ nínú rẹ̀. Kí onílé tuntun lọ bá ẹni tó ta ilé fún un. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí lẹ́tà dé fi ṣe pàtàkì tó ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ju àpò ìwé nù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sí i lára, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí Wọ́sáàpù ni wọ́n ti fi ránṣẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kejì tó ń yí ọ̀rọ̀ padà ni bí ìwé àdéhùn ṣe sọ ọ́. Tí ìwé bá sọ pé: "Ìgbélé yìí jẹ́ ti ọdún méjì, láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta 2024 dé ọjọ́ 28 Oṣù Kejì 2026. Àpapọ̀ owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé yìí", a jẹ́ pé ayálégbé kò san ohunkóhun ṣáájú àsìkò. Lọ́jọ́ tí ìwé ní kó san gbogbo rẹ̀ ló san án. Kò sí owó ilé kankan tó kù fún onílé tuntun láti gbà títí di 2026. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá sọ pé: "₦600,000 lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kìíní Oṣù Kẹta ọdún kọ̀ọ̀kan", tí ayálégbé wá san ìlọ́po méjì nítorí pé ejẹ́ńtì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì owó yẹn ti ṣáájú àsìkò. Iye owó kan náà, ọjọ́ kan náà, onílé kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ń sùn dáadáa, èkejì ń wá lọ́yà.

Ẹ ó wá sọ pé kí gbogbo ènìyàn kúkú kọ ìwé bíi ti àkọ́kọ́. Ibí gan-an ni òfin Èkó ti dí ọ̀nà. Òfin Ìgbélé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ gba ju oṣù mẹ́fà lọ tó bá jẹ́ oṣooṣù ló ń san, tàbí ju ọdún kan lọ tó bá jẹ́ ọdọọdún. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jọ ṣẹ̀: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé àwọn àdúgbò yẹn lè kọ ọdún méjì sínú ìwé láìbẹ̀rù. Ayálégbé inú àpẹẹrẹ wa kò sí nínú wọn.

Nítorí náà, kí ni onílé àti ejẹ́ńtì ń ṣe? Ìwé ni wọ́n ń dọ́gbọ́n sí. Wọ́n á kọ rìsíìtì kan fún 2024 sí 2025, wọ́n á wá kọ òmíràn fún 2025 sí 2026, wọ́n á sì fi ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta 2025 sára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni owó méjèèjì wọlé. Wọ́n á ní kí ayálégbé fi rìsíìtì kejì pamọ́ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ejẹ́ńtì á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mọ̀mí, nítorí ìjọba la ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀." Ayálégbé á dúpẹ́.

Ẹ wá fojú onílé tuntun wo rìsíìtì kejì yẹn. Ọjọ́ ara rẹ̀ fi hàn pé owó ọdún kejì kò tọ́ sí sísan títí di ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta 2025. Ẹni tó sì fọwọ́ sí i ti ta ilé láti Oṣù Kọkànlá 2024. Lójú ìwé, ayálégbé san owó ilé fún ẹni tí kì í ṣe onílé mọ́, lẹ́yìn tí lẹ́tà lọ́yà ti dé. Tó bá wá mú ìwé bánkì jáde láti fi hàn pé 2024 ló sanwó, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun san án ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, inú ẹjọ́ 1870 náà ló sì bọ́ sí. Tó bá ní àdéhùn ẹnu àwọn ni pé kí òun san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, ó ti sọ fún adájọ́ pé òun àti onílé jọ rú òfin 2011. Ọgbọ́n tí wọ́n dá kí ìjọba má bàa rí wọn ló dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn.

Èrò tèmi nìyí: ní àdúgbò tí òfin yẹn dé, kò sí ìwé kankan tó lè dáàbò bo owó ọdún kejì bí kí ẹ má san án sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé ṣòroó rí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ní ọdún kan péré ni wọ́n á ní kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tilẹ̀ máa san án, ẹ mọ̀ pé owó tí ẹ yá ènìyàn ni, kí ẹ sì wo onílé bí ẹni tí ẹ fẹ́ yá lówó. Ǹjẹ́ ó ní iṣẹ́ tàbí ilé mìíràn tí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ sí? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ni ilé, àbí ogún bàbá wọn ni, tí àwọn ọmọ kò tíì fẹnu kò lé lórí? Ẹni tó ń ta ilé sábà máa ń tà á nítorí pé owó ń wọ́n ọn lójú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ló sábà máa ń wá owó ọdún méjì. Ìdí kan náà ló bí méjèèjì, òun ló sì jẹ́ kí ewu yìí wọ́pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ló dé tí onílé àtijọ́ kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á? Ẹ ṣírò rẹ̀. Tí fúláàtì mẹ́fà bá wà nínú ilé, tí gbogbo wọn sì ti san ọdún kejì sílẹ̀ ní ₦600,000, ₦3,600,000 nìyẹn. Tó bá sọ òtítọ́, ẹni tó fẹ́ rà á máa ní kó yọ ọ́ kúrò nínú iye tó fẹ́ ta ilé náà. Tó bá dákẹ́, tàbí tó ní "wọ́n ti san tọdún yìí", kò parọ́ pátápátá, owó náà sì dúró sápò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹnu ayálégbé ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde, ó sì gbọ́dọ̀ yá. Ilé tí wọ́n fẹ́ tà máa ń fi ara hàn: àwọn ọkùnrin tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, àjèjì tó ń ya fọ́tò láti òdìkejì títì, onílé tó ṣàdédé ń gba ẹ̀dà rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Pé wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ilé náà kì í ṣe títà kò ní ìtumọ̀ fún yín. Nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sì dí onílé gan-an lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí ẹni tó wá wo ilé, ẹ kí i, kí ẹ sì sọ fún un ní gbangba pé ẹ ti sanwó dé Oṣù Kejì 2026. Tí ẹ bá mọ lọ́yà rẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ṣe é. Ẹni tó ti gbọ́ kó tó sanwó kò ní rọrùn fún un láti sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀, ẹjọ́ yín á sì lágbára ju ti ẹni tó dákẹ́ lọ.

Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà ti dé, ẹ má sáré sanwó, ẹ má sì sáré fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ kọ̀wé sí onílé àtijọ́, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé lóòótọ́ lòun ta ilé, kó sì sọ iye tó gbà lọ́wọ́ yín àti ọjọ́ tó gbà á. Àwọn kan wà tó ń kọ lẹ́tà sí ayálégbé lórí ilé tí wọn kò rà. Ẹ lè ní kí lọ́yà bá yín wo ìwé ilé náà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláùsá. Tí onílé tuntun bá gbé ìwé àdéhùn tuntun wá tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta 2025, ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, èyí àtijọ́ ti parẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ lè fi jà lórí rẹ̀.

Ẹ má sì kàn jókòó láìsan ohunkóhun. Tí owó ilé bá jẹ́ ti onílé tuntun lóòótọ́, gbèsè ni ẹ ń jẹ, gbèsè owó ilé sì ni ọ̀nà tó yá jù láti lé ayálégbé jáde. Ibi tí ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń yanjú ni kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ilé ìlàjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ fún aráàlú kì í gba owó. Ẹni tó ra ilé kì í sábà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ ayálégbé mẹ́fà. Ó lè gbà kí ẹ san ìdajì ní báyìí, kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ kọjú sí ẹni tó ta ilé.

Ti onílé àtijọ́ nìkan ló wá kù. ₦600,000 yẹn ṣì jẹ́ owó yín lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2018 ni Èkó ti ní kóòtù kékeré fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, lábẹ́ kóòtù májísíréètì, ẹ sì lè lọ síbẹ̀ láìgba lọ́yà. Ẹ ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó náà, ẹ ó sì tọ́jú ẹ̀rí pé ó gbà á. Ó lè ní ẹ̀yin náà rú òfin 2011. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ pé owó ọdún tí kò ní ilé náà mọ́ ló ṣì wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kóòtù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ta ilé sábà máa ń kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé ó ti tà á ni kí ẹ béèrè ibi tó ń kó lọ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ awakọ̀ tó bá a kó ẹrù.